Àkókò èèwọ̀ yíká ìgòkè aago: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìmúrasílẹ̀ àti ìdúró dátà nínú básíkúlù

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́, àti àwọn tí ń ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wá nígbà ìsinmi, ni wọ́n ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ àkókò èèwọ̀ yìí nílé-ìwé. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ lórí, wọ́n sì lè ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, ṣùgbọ́n nígbà tí iná orí bọ́ọ̀dù wọn bá ń ṣe ségesège, wọn kì í rántí pé òun ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní èdè wa.

Kí ni básíkúlù ń ṣe gan-an, kí sì ni aago tí ẹ ń sọ?

Básíkúlù irú D jẹ́ àyíká iná kékeré kan tí ń rántí bíìtì kan ṣoṣo, ìyẹn 0 tàbí 1. Ó ní ẹnu kan tí dátà ń gbà wọlé, tí wọ́n ń kọ D sí, ẹnu kan fún aago, tí wọ́n ń kọ CLK sí, àti ẹnu kan tí ó fi ń fèsì, èyí tí í ṣe Q. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní fílípú-fílọ́ọ̀pù. Ní tiwa níhìn-ín, orúkọ kan náà ni pẹ̀lú òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì bá a mu, nítorí ohun tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí apá kan ni, tí kò yẹ kí ó dúró sí àárín.

Aago níhìn-ín kì í ṣe aago ara ògiri. Àmì iná ni, tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ láìsinmi. Nígbàkúùgbà tí àmì náà bá gòkè láti 0 sí 1, básíkúlù a wo ohun tí ó wà lẹ́nu D, a gbé e sí Q, a sì dì í mú títí ìgòkè mìíràn yóò fi dé. Bí D bá ń yí padà ní àárín ìgòkè méjì, kò kàn án.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà ìgòkè nìkan ni ó ń wo D, kí ló dé tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa àkókò tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e?

Ìdí ni pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nínú ṣípù. Ìgòkè tí a ń yà bí ìlà gígùn kan lórí pépà ń gba àkókò, dátà tí ń wọlé pẹ̀lú ń gba àkókò kí ó tó dé inú lọ́hùn-ún. Nítorí náà, «ìgbà tí ó wò ó» kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, bí kò ṣe àlàfo kan tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Apá tí ó ṣáájú ìgòkè ni mo ń pè ní àkókò ìmúrasílẹ̀: dátà gbọ́dọ̀ ti dé, kí ó sì ti fìdí kalẹ̀, kí apá yìí tó bẹ̀rẹ̀. Apá tí ó tẹ̀ lé ìgòkè ni àkókò ìdúró: dátà kò gbọdọ̀ kúrò títí apá yìí yóò fi parí. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n: àkókò èèwọ̀ kan tí ó yí ìgòkè aago ká, tí ẹnu D kò gbọdọ̀ yí padà nínú rẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè yí dátà padà bó ṣe wù yín. Lẹ́yìn tí ó bá parí pẹ̀lú, ẹ lè yí i padà. Inú rẹ̀ nìkan ni èèwọ̀ wà.

Fún ṣípù 7474 àtijọ́, tí ó ní básíkúlù D méjì nínú, ìwé àbùdá rẹ̀ fún àkókò ìmúrasílẹ̀ ní nánósẹ́kọ́ńdì 20, ó sì fún àkókò ìdúró ní 5. Àkókò èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì 25 nígbà náà: ó bẹ̀rẹ̀ ní 20 kí aago tó gòkè, ó sì parí ní 5 lẹ́yìn tí ó gòkè. Mo mọ̀ pé ṣípù yìí ti dàgbà, àwọn ṣípù òde òní sì wà tí gbogbo èyí kò tó nánósẹ́kọ́ńdì kan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń kọ́ni, nítorí pé àwọn nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó láti fi ọwọ́ ṣírò.

Kí ló wà nínú básíkúlù tí ó fi ní èèwọ̀ yìí?

Ẹni tí ó bá ti dé Àkábà Ìdènà ní Kétu mọ ohun tí ẹnu-bodè ìlú jẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ẹnu-bodè kan tí ó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, tí yàrá kan sì wà láàárín wọn. Òfin ibẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn méjèèjì kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí aago wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀, ti inú sì tì. Dátà ń wọ yàrá àárín, ó sì ń jáde bó ṣe wù ú, àwọn ará ìlú kò sì rí i. Nígbà tí aago bá gòkè, ilẹ̀kùn ìta a tì, ti inú a ṣí, ohun tí ó bá wà nínú yàrá nígbà náà ni ìlú yóò rí.

Nínú ṣípù, yàrá àárín náà jẹ́ àyípo kékeré tí géètì méjì, ìyẹn àyíká kékeré tí ń fi 0 tàbí 1 fèsì sí àmì tí ó bá wọlé, ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: èkíní ń sọ fún èkejì pé «1 ni mí, ìwọ jẹ́ 0», èkejì sì ń dá a lóhùn pé «0 ni mí, ìwọ jẹ́ 1», wọn yóò sì máa wí bẹ́ẹ̀ fún ara wọn títí. Kí ìjíròrò yìí tó fìdí múlẹ̀, fóltì ẹnu wọn gbọ́dọ̀ ti kúrò ní àárín méjì, kí ó sì ti lọ tó ibi tí ọ̀kan yóò fi borí. Àkókò tí èyí ń gbà ni orísun àkókò ìmúrasílẹ̀. Ẹni tí ń wọlé gbọ́dọ̀ ti jókòó nínú yàrá kí ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì.

Àkókò ìdúró ní tirẹ̀ wá láti inú ìlọ́ra ilẹ̀kùn ìta. Àmì aago gbọ́dọ̀ gba inú àwọn tiransísítọ̀ kan kọjá kí ó tó dé ibi tí ilẹ̀kùn wà, nítorí náà aago ti gòkè ní ẹsẹ̀ ṣípù, ilẹ̀kùn ìta kò sì tíì tì tán. Bí dátà tuntun bá sáré dé ní àkókò yẹn, ó lè yọ́ wọlé, kí ó sì lé ti àkọ́kọ́ jáde.

Ṣé òótọ́ ni pé àkókò ìdúró lè jẹ́ òdo, tàbí kí ó tilẹ̀ kéré sí òdo?

Òótọ́ ni. Nínú ìwé àbùdá kan fún 74HC74, òdo ni wọ́n kọ sí àkókò ìdúró. Ohun tí ó fà á kò le: ẹsẹ̀ ṣípù ni a ti ń wọn gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn inú lọ́hùn-ún. Bí ọ̀nà tí dátà ń gbà wọlé bá gùn ju ti aago lọ, dátà tuntun tí ó dé ẹsẹ̀ D lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí aago gòkè yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Àkókò èèwọ̀ kò tíì pa rẹ́. Ó kàn sún sẹ́yìn ni, tí gbogbo rẹ̀ fi wà ṣáájú ìgòkè. Ó lè sún sí iwájú pẹ̀lú, kí àkókò ìmúrasílẹ̀ sì di èyí tí ó kéré sí òdo. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni kí àpapọ̀ méjèèjì kéré sí òdo, nítorí kò sí àlàfo tí òpin rẹ̀ ń ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ bí aago mi ṣe lè yára tó?

Ẹ tẹ̀ lé dátà láti ìgòkè kan dé ìgòkè kejì. Ká ní básíkúlù 7474 kan ń fi Q rẹ̀ ránṣẹ́ gba inú géètì NAND 7400 méjì kọjá, lọ sí ẹnu D ti 7474 mìíràn, tí aago kan náà sì ń lu àwọn méjèèjì. Nígbà tí aago bá gòkè, Q àkọ́kọ́ kì í yí padà lójú ẹsẹ̀. Ìwé àbùdá sọ pé ó lè pẹ́ tó nánósẹ́kọ́ńdì 40. Géètì kọ̀ọ̀kan lè pẹ́ tó 22. Lẹ́yìn èyí, dátà gbọ́dọ̀ dé kí àkókò èèwọ̀ ti ìgòkè kejì tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 20 ṣáájú rẹ̀.

```
T ≥ 40 + 22 + 22 + 20 = 104 ns
```

Ẹni tí ó bá lo kírísítáàlì mẹ́gáháàtì 10, ìgòkè sí ìgòkè rẹ̀ jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì 100, èyí tí fi 4 dín sí ohun tí a nílò. Tí ó bá lo mẹ́gáháàtì 8, nánósẹ́kọ́ńdì 125 ni, ó sì ní 21 lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ẹjọ́ nìyí. Ẹni tí ó lo mẹ́gáháàtì 10 yóò wá bá mi, yóò ní: «Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ń ṣiṣẹ́ o!» Kò purọ́. Nọ́ńbà tí mo lò wọ̀nyẹn ni èyí tí ó pẹ́ jù tí aṣelọ́pọ̀ lè gbà láyè. Ṣípù gidi tí ó wà lórí tábìlì sábà máa ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ: Q ní bíi 20, géètì méjèèjì pa pọ̀ ní bíi 18, pẹ̀lú 20 ti ìmúrasílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 58. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó bá ṣípù tí ó yára pàdé. Ẹ pààrọ̀ ṣípù kan, tàbí kí ẹ pa bọ́ọ̀dù náà dé sínú àpótí irin lábẹ́ oòrùn, kí ẹ̀rọ agbára rẹ̀ sì máa fún un ní fóltì 4.6 dípò 5, kò dá mi lójú pé yóò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi kì í gba «ó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì» gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ti dín eré aago mi kù títí ó fi di ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ àṣìṣe náà kò lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àkókò ìdúró ni ẹ ń rú. Ẹ tún ìṣirò òkè yẹn wò: gígùn àkókò láàárín ìgòkè méjì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí dídín eré kù fi ń wo àìsàn ìmúrasílẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n ìgòkè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ìdúró dá lé lórí. Ìgòkè yẹn kan náà tí básíkúlù iwájú fi ń ka dátà ni básíkúlù ẹ̀yìn fi ń yí dátà náà padà, eré ìje sì ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí aago bá tilẹ̀ ń gòkè lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, eré ìje náà kò yí padà.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi, lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi. A fẹ́ ṣe iná LED mẹ́jọ tí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo yóò máa rìn lórí wọn, láti iná kìíní dé ìkẹjọ, fún ìsọ̀ kan ní ọjà. Básíkúlù mẹ́jọ ni ó gbà, ìyẹn 7474 mẹ́rin, tí Q ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ D ti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ṣípù 555 ni ó ń ṣe aago, ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, géètì NAND kan sì ń pín in kiri. Ẹnu CLK ti 7474 kọ̀ọ̀kan wúwo bí ẹnu méjì, géètì TTL kan, ìyẹn irú ṣípù àtijọ́ wọ̀nyí, kò sì lè gbé ju ẹnu mẹ́wàá lọ. Básíkúlù mẹ́jọ jẹ́ ẹnu mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà mo fi géètì náà lu mẹ́rin àkọ́kọ́, mo sì gba inú géètì méjì mìíràn kọjá láti lu mẹ́rin ìyókù. Géètì kan a máa sọ 0 di 1, a sì máa sọ 1 di 0, nítorí náà mo fi méjì ṣe é kí àmì má bàa dojú dé. Ọgbọ́n ni mo rò pé mo gbọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ náà rìn dáadáa láti iná kìíní dé ìkẹta. Nígbà tí ó dé ìkẹrin, iná ìkẹrin àti ìkarùn-ún tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn wọn a kú pọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ìkẹrin a kú, ìkarùn-ún a sì máa tàn lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan sí i. Láti ìkẹfà dé ìkẹjọ, kò sí ìyọnu tuntun kankan. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìkarùn-ún ni wọ́n ń gbé lọ. Mo pààrọ̀ ṣípù, mo tún gbogbo ojú ìjó òjé jó, mo fi kapásítọ̀ kún un, pàbó ló já sí.

Kí ni ìṣirò sọ nípa iná ìkẹrin àti ìkarùn-ún yẹn?

Ẹ jẹ́ ká pe ìgbà tí aago dé ọ̀dọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní 0. Àmì kan náà gba inú géètì méjì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ básíkúlù ìkarùn-ún: èkíní sọ̀kalẹ̀ ní bíi nánósẹ́kọ́ńdì 7, èkejì gòkè ní bíi 11, nítorí náà aago ìkarùn-ún gòkè ní 18. Àkókò èèwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 18 dín 20, ìyẹn 2 ṣáájú òdo, títí dé 18 àti 5, ìyẹn 23.

Nísinsìnyí, ìgbà wo ni Q ìkẹrin ń yí padà? Tí ó bá ń gòkè, ní bíi 14. Tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ní bíi 20. Àwọn méjèèjì bọ́ sáàárín èèwọ̀ gan-an. Bí ó ti ń gòkè ní 14, ó dé ní nánósẹ́kọ́ńdì 4 kí aago ìkarùn-ún tó gòkè. Ilẹ̀kùn ìta ṣì ṣí, ìkarùn-ún sì gba 1 tuntun dípò 0 àtijọ́ tí ó yẹ kí ó gbà. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi tàn pọ̀. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ní 20, ó dé lẹ́yìn tí aago ti gòkè ní 2. Nígbà mìíràn ilẹ̀kùn ti tì, nígbà mìíràn kò tíì tì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kì í sì í kú pọ̀ lẹ́ẹ̀mìíràn.

Ọmọ kan lọ́dọ̀ mi, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, sọ pé ká fi géètì kún ọ̀nà aago kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣeré, ṣùgbọ́n ìdánwò tó dára ni. A sọ wọ́n di mẹ́fà. Aago ìkarùn-ún wá ń gòkè ní bíi 54, àkókò èèwọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 34, nígbà tí Q ìkẹrin ti yí padà tán. Ségesège náà dáwọ́ dúró pátápátá: iná méjèèjì ń tàn pọ̀, wọ́n sì ń kú pọ̀, ní gbogbo ìgbà. A kò rú àkókò èèwọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n dátà tí kò tọ́ ni a ń kà, tí a sì ń kà á dáadáa. Ibi tí àṣìṣe ìdúró ti ń tanni jẹ nìyí, nítorí ẹni tí ó bá rí ohun tí kò yí padà rárá kì í ronú kan àkókò. Á ní ó fi wáyà kan sí ibi tí kò yẹ.

Báwo ni ẹ ṣe tún un ṣe?

Mo jẹ́ kí géètì àkọ́kọ́ lu géètì méjì péré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì náà sì lu básíkúlù mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹnu mẹ́jọ, kò sì kọjá mẹ́wàá. Inú ṣípù 7400 kan náà ni àwọn géètì méjèèjì wà, nítorí náà ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kéré gan-an. Gbogbo aago dojú dé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn ti dojú dé pọ̀, kò sẹ́ni tí ó mọ̀. Àkókò èèwọ̀ ìkarùn-ún wá parí ní 5, Q ìkẹrin kò sì yí padà kí ó tó di 14. Àlàfo 9 wà láàárín.

Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ fi géètì méjì sí ojú ọ̀nà dátà láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, kí dátà tuntun lè pẹ́ dé. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú irú ṣípù wọ̀nyí, nítorí ohun kan tí kì í sí nínú ìwé àbùdá wọn. Wọ́n kọ bí ó ti lè pẹ́ tó àti bí ó ti sábà ń pẹ́ sí, wọn kò kọ bí ó ti lè yá tó. Fún ìmúrasílẹ̀, èyí tí ó pẹ́ jù ni a nílò, ó sì wà níbẹ̀. Fún ìdúró, èyí tí ó yá jù ni a nílò, kò sì sí. Ẹni tí ó bá fi aago kan náà lu gbogbo básíkúlù ní tààrà kò ní láti méfò.

Bí kò bá ṣeé ṣe kí aago dé bákan náà, ẹ jẹ́ kí ó máa rìn lòdì sí dátà: kí básíkúlù tí ó kẹ́yìn kọ́kọ́ gba aago. Yóò ti ka ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ tó mọ̀ pé aago ti lù. Àkókò tí ẹ jèrè fún ìdúró, ẹ ó san án padà lára ìmúrasílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣeé wò sàn nípa dídín eré aago kù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí básíkúlù gan-an bí dátà bá yí padà nínú àkókò èèwọ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tí ojú rí: yóò mú ti àtijọ́ tàbí ti tuntun, yóò sì máa lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀kùn a há ẹni tí ń wọlé mọ́ ojú ọ̀nà. Fóltì inú yàrá àárín a dúró sí ìdajì, géètì méjèèjì a máa wo ara wọn, kò sì sí èyí tí ó lè borí. Mo ń pè é ní ipò dákú-dájí. Q lè rọ̀ sí àárín, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó yí padà ju 40 tí ìwé ṣèlérí lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ apá tí yóò tẹ̀ sí níkẹyìn. Ní ọdún 1973 ni Chaney àti Molnar tẹ ìwọ̀n ohun yìí jáde fún àwọn onímọ̀, tí wọ́n sì fi hàn pé kì í ṣe àbá lásán.

Kò sí ààlà tí a lè fi lé bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí àkókò ti ń gùn sí i ni ó ń ṣọ̀wọ́n kí ó ṣì wà nínú rẹ̀, ìṣọ̀wọ́n náà sì ń yára gan-an.

Bọ́tìnì tí ènìyàn ń tẹ̀ kò mọ aago. Báwo ni yóò ṣe pa èèwọ̀ mọ́?

Kò lè pa á mọ́. Pẹ̀lú aago mẹ́gáháàtì 8, nánósẹ́kọ́ńdì 25 nínú gbogbo 125 ni èèwọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún tí bọ́tìnì bá yí padà, inú rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà jù. Nánósẹ́kọ́ńdì 25 yẹn ni ibi tí aṣelọ́pọ̀ kò ti lè fọwọ́ sọ̀yà. Ojú ibi tí dákú-dájí gan-an ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ó kàn ń sún kiri nínú 25 náà ni, gẹ́gẹ́ bí ooru, fóltì àti ṣípù kọ̀ọ̀kan ti rí.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń to básíkúlù méjì tẹ̀ lé ara wọn láìsí géètì kankan láàárín wọn, tí aago kan náà ń lù wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ ni yóò fara gbá a. Bí ó bá dákú, ó ní títí di àkókò èèwọ̀ ti ìgòkè kejì láti jí: 125 dín 20 jẹ́ 105, ẹ yọ 40 tí ó tọ́ sí i kúrò, ó ku 65 fún un láti fi gba ara rẹ̀. Ìṣirò MTBF, ìyẹn àkókò tí ó sábà máa ń wà láàárín ìkùnà kan àti èkejì, nìyí:

```
MTBF = e^(t/τ) / (T0 × fc × fd)
```

Nínú rẹ̀, t ni àkókò tí a fún un láti jí, τ àti T0 jẹ́ ti irú ṣípù náà, fc ni eré aago, fd sì ni iye ìgbà tí dátà ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ rí i pé t wà lókè, nínú agbára e. Bí ẹ bá fi díẹ̀ kún un, púpọ̀ ni ẹ ó jèrè.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ẹ má ṣe fi wáyà bọ́tìnì kan náà lu básíkúlù méjì tí ó wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìgòkè kan náà, ọ̀kan lè rí 1 kí èkejì rí 0, apá kan ẹ̀rọ yín á sì rò pé a ti tẹ bọ́tìnì nígbà tí apá kejì rò pé a kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà á wọlé lójú kan, kí ẹ tó pín in.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè kìlọ̀ fún mi kí n tó jó òjé?

Ó lè ṣe é, bí ẹ bá sọ èèwọ̀ náà fún un. Ní Verilog, èdè tí a fi ń ṣàpèjúwe àyíká iná fún kọ̀ǹpútà, ìlà yìí ń lọ sínú apá `specify` ti básíkúlù:

```
$setuphold(posedge CLK, D, 20, 5, notif);
```

Bí D bá yí padà láti 20 ṣáájú ìgòkè títí di 5 lẹ́yìn rẹ̀, yóò kọ ìkìlọ̀ jáde, yóò sì yí `notif` padà, èyí tí a lè fi sọ Q di `x`, ìyẹn ohun tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá kọ ìpẹ́ àwọn géètì sínú rẹ̀, gbogbo nǹkan yóò máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kò sì ní jọ ti orí bọ́ọ̀dù. Iná mẹ́jọ tèmi yẹn ṣiṣẹ́ láìlábùkù lójú kọ̀ǹpútà.

Ṣé mo lè fi ọsilosíkóòpù rí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ọsilosíkóòpù náà, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán àmì iná, bá yára tó. Ẹ fi wáyà kan kan ẹsẹ̀ CLK ti ṣípù tí ẹ ń fura sí gan-an, kì í ṣe ibi tí aago ti ń jáde, kí ẹ sì fi èkejì kan ẹsẹ̀ D rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwòrán máa bẹ̀rẹ̀ láti ara ìgòkè CLK, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ìlà àtijọ́ máa wà lójú rẹ̀. Ibi tí ìlà D bá ti ń gba àárín kọjá láti 20 ṣáájú títí di 5 lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹ ti ń rú èèwọ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ pín 0.35 pẹ̀lú iye háàtì rẹ̀, ẹ ó mọ ìgòkè tí ó yára jù tí ó lè yà. Ti mẹ́gáháàtì 100 ń yà á ní nánósẹ́kọ́ńdì 3.5. Ti mẹ́gáháàtì 20, tí ó pọ̀ nínú àwọn tí a ń rà ní àlòkù, ń gbà tó 17.5, kò sì sí bí yóò ṣe fi hàn yín pé 14 ṣáájú 18. Irú rẹ̀ ni mo ní nígbà tí mo ń wá àṣìṣe iná mẹ́jọ yẹn, ó sì fi hàn mí pé CLK àti D ń gòkè pọ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tí ó ṣe wọ́n.